Rẹsistáǹsì Méjì Tí Mo Gé Lórí Wáyà Omi

Ìṣẹ́jú mẹ́rin. Bí mo bá tan pọ́ǹpù náà, á ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, nígbà mìíràn márùn-ún, á sì dákẹ́. Iná pupa á tàn lójú àpótí tó ń darí rẹ̀. N ó pa á, n ó tún un tàn, n ó jókòó sórí òkúta ẹnu ọ̀nà, n ó máa wo aago ọwọ́ mi. Ọjọ́ kẹsàn-án nìyẹn tí mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá rí mi á rò pé mo ń tún nǹkan ṣe ni. Irọ́ ni. Ẹ̀rù ló ń bà mí, mi ò sì mọ ibi tí n ó gbé ọwọ́ sí.

Abúlé tí mo ń sọ yìí wà lẹ́yìn Tré, lábẹ́ ọ̀kan nínú àwọn òkè wa. Kànga ẹ̀rọ wà nísàlẹ̀, láàárín oko kajú. Táǹkì wà lókè lórí àpáta, ilé ìwòsàn kékeré sì wà láàárín méjèèjì. Pọ́ǹpù á ti omi láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, omi á sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀ wá sẹ́nu ẹ̀rọ abúlé. Iṣẹ́ mi ni kí n máa tọ́jú ohun tó kan iná níbẹ̀: awo tó ń fi oòrùn ṣe iná, bátìrì, àpótí, wáyà. Dassa ni mò ń gbé. Zẹ́mìjáǹ, ọ̀kadà tiwa, ló ń gbé mi lọ, tó ń gbé mi bọ̀.

Oṣù tí oòrùn ń mú jù lọ la wà. Bí pọ́ǹpù bá dákẹ́, ìsun kan ṣoṣo ló kù fún àwọn obìnrin, nínú pàlàpálá òkúta lẹ́yìn òkè, omi ibẹ̀ sì ń kán tó, tó, tó ni. Wọn á kúrò nílé láfẹ̀mọ́jú, oòrùn á ti gun òkè kí wọ́n tó dé. Wọ́n ń gba iwájú ilé pọ́ǹpù kọjá tàwọn ti bàsíà lórí. Wọn ò bú mi o. Wọ́n ń kí mi pé "ẹ kú iṣẹ́." Kíkí yẹn ń dùn mí ju èébú lọ.

Alága ìgbìmọ̀ omi, àgbẹ̀ oníṣu kan tó máa ń ka Ìwé Mímọ́ ní Mísà, ti sọ tirẹ̀. Ó ní bó bá di ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn Mísà tí ọ̀rọ̀ ò bá yanjú, àwọn á ké sí ẹnì kan láti Paouignan kó wá yọ àpótí náà dànù, kó so pọ́ǹpù mọ́ iná tààrà.

"Àpótí yìí ló ń dí wa lọ́wọ́," ó ní. "Pọ́ǹpù ò ṣàìsàn. Ọmọ wa, ṣé ó ṣàìsàn ni?"

"Kò ṣàìsàn, Bàbá."

"Ó dáa. Kí wọ́n jẹ́ kó ṣiṣẹ́."

Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi ń ro mí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi inú kànga máa ń lọ sílẹ̀. Bí pọ́ǹpù bá ń fà láìwo ẹ̀yìn, omi á lọ sábẹ́ rẹ̀, á máa yí lásán, á gbóná, á jó. Ọ̀kan ṣoṣo tí a ní nìyẹn. Ọdún mélòó ni abúlé fi tọrọ rẹ̀! Àpótí ló ń ṣọ́ ọ. Alága mi orí, ó ní òun ti gbọ́, ó sì tún sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ọjọ́rú la wà nígbà yẹn, ọjọ́ kẹsàn-án.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àpótí náà ṣe ń ṣọ́ ọ. Wáyà méjì tín-ínrín tí a lọ́ mọ́ra ló jáde láti ara rẹ̀, a rì wọ́n mọ́lẹ̀ títí dé òkè, ó tó ẹgbẹ̀ta mítà. Àpótí á bi kànga pé omi rẹ ti tó ibo? Kànga á dáhùn. Á bi ẹ̀rọ tó ń ka omi lẹ́bàá ilé ìwòsàn, òun náà á dáhùn. Á bi táǹkì lókè, ṣé o ti kún? Gbogbo wọn, orí wáyà kan náà ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá bi ẹnì kan lẹ́ẹ̀mẹta tí ìdáhùn ò yé e, á pa pọ́ǹpù, nítorí kò fẹ́ ṣiṣẹ́ bí afọ́jú. Ohun tó sì ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Táǹkì ń dáhùn, ṣùgbọ́n ìdáhùn ń dé sísàlẹ̀ ní wúruwùru.

Mo mọ̀dí rẹ̀. Kò sí ẹlòmíì láyé tó mọ̀ ọ́n.

Ọ̀gá mi ló ri wáyà yẹn. Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí. Iṣẹ́ wáyà tẹlifóònù ló fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe, láti Dassa títí lọ sápá àríwá, kí tẹlifóònù alágbèéká tó sọ òpó di igi ìdáná. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́ṣẹ́. Ó máa ń sọ pé gbogbo wáyà ló ní ìwà tirẹ̀. Ní Faransé ó ń pè é ní ẹmpedáǹsì, ṣùgbọ́n bó bá ń bá wa sọ̀rọ̀, ìwà wáyà ni. Bí wáyà bá ṣe nípọn tó, bí méjèèjì ṣe súnmọ́ra tó, irú rọ́bà tó wà láàárín wọn, ìyẹn ló ń pinnu rẹ̀, kò sì kan bí wáyà ti gùn tó. Ọ̀rọ̀ tó ń sáré lórí wáyà, bó bá dé ìpẹ̀kun tí kò bá ohun tó bá ìwà náà mu níbẹ̀, kò ní ibi tí yóò wọ̀. Á padà. Á wá pàdé ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, wọn á dà rú mọ́ra wọn, bí ìgbà tí ẹ bá kígbe láàárín òkè wa méjì tí gbohùngbohùn sì já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ yín lẹ́nu. Ìdí nìyẹn tó fi fi rẹsistáǹsì kan sí ìpẹ̀kun ìsàlẹ̀, ọ̀kan sí ìpẹ̀kun òkè, kí wọ́n máa gbé ọ̀rọ̀ mì. Nǹkan kékeré, kò tó èékánná ọmọ ọwọ́.

Èmi ni mo gé méjèèjì.

Ẹ̀ẹ̀rùn bí i mélòó kan sẹ́yìn ni. Ọyẹ́ mú gidi lọ́dún náà, eruku bo gbogbo nǹkan, bátìrì kékeré tó wà lọ́dọ̀ táǹkì kì í lè dé òwúrọ̀. Mo gun òkè lọ, mo wo inú ilé kékeré tí a ti so wáyà, mo rí rẹsistáǹsì tó kàn dábùú wáyà méjì bẹ́ẹ̀, kò tan iná, kò yí nǹkan, kò ṣe nǹkankan. Àwa tí à ń fi oòrùn ṣiṣẹ́, ojú ẹ̀gàn la fi ń wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀: ajẹ-má-ṣiṣẹ́! Mo wọn iná tó ń jáde, mo gé e, mo tún wọn. Ó dín kù lóòótọ́. Inú mi dùn! Mo sọ̀ kalẹ̀, mo gé ti ìsàlẹ̀ náà. Gbogbo nǹkan sì ń ṣiṣẹ́ lọ rere. Mo rò ó lọ́kàn mi pé àwọn àgbà wọ̀nyí ń fi nǹkan ṣòfò. Ọgbọ́n àgbọ́njù, àbí kí ni wọ́n ń pè é?

Kò mú mi nígbà yẹn nítorí pé àpótí àtijọ́ kì í yára sọ̀rọ̀. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan á pẹ́ lórí wáyà. Gbohùngbohùn á ti lọ, á bọ̀, á ti rẹ̀ ẹ́, kí àpótí tó wò ó. Lẹ́yìn náà ni àrá sán pa àpótí yẹn. Wọ́n kó tuntun wá láti Cotonou, àpótí àti gbogbo àwọn tó ń dáhùn, wọ́n sì ti fi kóòdù tì wọ́n pa sórí eré kan tó yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ bí ìlọ́po méjìlá. Mi ò lè dín eré náà kù. Ẹyọ kan ò tíì parí kí ìró èyí tó ṣáájú tó padà dé lórí rẹ̀. Ibẹ̀ ni àṣírí mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í hù jáde nínú ilẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹfà, Ọ̀gá pè mí lórí tẹlifóònù. Ó ti gbọ́.

"Ṣé àwọn rẹsistáǹsì ìpẹ̀kun wà níbẹ̀?"

Ẹ gbà mí o. Ìbéèrè àkọ́kọ́ pàá nìyẹn.

"Àrá ti jó wọn, Ọ̀gá," mo ní.

Ó bi mí pé, "Méjèèjì?"

"Méjèèjì."

Ó ní a jẹ́ pé wáyà tí òun fi lé àrá lọ sílẹ̀ ò dáa, a jẹ́ pé òun ló ṣe é tì. Ó ń bá ara rẹ̀ wí létí mi, àgbàlagbà tó ti lé láàádọ́rin ọdún. Mo ní kó má ṣèyọnu, pé n ó fi òmíràn sí i.

Mo fi òmíràn sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó di Ọjọ́bọ̀ kí n tó ṣe é. Mo lọ bá ẹni tó ń tún rédíò ṣe lọ́jà Dassa, mo ra mẹ́ta, ọgọ́fà ọ́ọ̀mù, ìyẹn ìwọ̀n tí a fi ń mọ agbára wọn, mo rántí iye yẹn láti ara ìlà aláwọ̀ tó wà lára èyí tí mo gé. Ẹ óò béèrè pé kí ló dé tó fi jẹ́ mẹ́ta. Nítorí ibùdó mẹ́ta ló wà lórí wáyà! Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn: bí a bá bu oúnjẹ fún àwọn ọmọ méjì, a kì í fi ẹ̀kẹta sílẹ̀. Mo so ọ̀kan mọ́ ìsàlẹ̀, ọ̀kan mọ́ òkè, ọ̀kan mọ́ ti ilé ìwòsàn tó wà láàárín. Mo tan pọ́ǹpù. Kò tiẹ̀ ṣe ìṣẹ́jú kan. Táǹkì, tó ti ń sọ̀rọ̀ wúruwùru, wá di odi pátápátá.

Ọjọ́ náà ni mo sunkún. Mi ò ní í purọ́ fún yín, mo jókòó ti ògiri ilé pọ́ǹpù, mo sunkún bí ọmọdé, obìnrin kan tó ń ti ìsun bọ̀ sì sọ bàsíà rẹ̀ kalẹ̀, ó ní "ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ gba omi mu." Nínú omi tó rin ìrìn àjò wákàtí méjì lọ pọn ló ti bù fún mi! Mo mu ún.

Ọjọ́ Ẹtì, mi ò pe Ọ̀gá o, òun ló dé fúnra rẹ̀. Lórí zẹ́mìjáǹ ni, ó gbé àpò kan mọ́ àyà. Orúnkún rẹ̀ ò jẹ́ kó lè gun òkè mọ́. Nínú àpò yẹn ni ẹ̀rọ rẹ̀ wà, èyí tó ń ya ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí wáyà sójú gíláàsì bí ìlà, àti àpótí kékeré kan tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, tó ń ta ìró kúkúrú kan sínú wáyà léraléra. Ó bi mí ohun tí mo ti ṣe. Mo sọ ti rẹsistáǹsì mẹ́ta.

Ó wò mí. "Ta ló sọ fún ọ pé kí o fi sí àárín?"

"Ó dà bíi pé ó yẹ, Ọ̀gá."

"Àárín kì í ṣe ìpẹ̀kun, ìwọ ọmọ yìí. Ọ̀rọ̀ tó ń kọjá lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, o gbé òkúta sójú ọ̀nà fún un. Ó kọsẹ̀ níbẹ̀, apá kan padà, ìwọ̀nba tó kù ló gòkè. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jọ ń fa ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀, kò ní lókun mọ́. Lọ yọ ọ́. Kí o tú gbogbo ohun tó wà lórí wáyà, kó ku wáyà nìkan. Kí o wá mú èyí gòkè."

Ohun tó gbé lé mi lọ́wọ́ ni rẹsistáǹsì onídìí yíyí, èyí tí a lè yí kó pọ̀ tàbí kó kéré, àti ẹ̀rọ ìwọn-ọ́ọ̀mù. Mo yọ ti àárín àti ẹ̀rọ tó ń ka omi bí mo ṣe ń kọjá. Mo gun òkè náà láàárín ọ̀sán, àpáta gbóná débi pé mo ń gbọ́ ọ nínú bàtà. Mo dé ìdí táǹkì, mo tú táǹkì àti rẹsistáǹsì mi kúrò, mo so onídìí yíyí mọ́ ìpẹ̀kun wáyà, mo fi tẹlifóònù há etí àti èjìká. Láti òkè, mo ń rí fìlà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé pọ́ǹpù.

"Mo ti tú ti ìsàlẹ̀ náà," ó ní. "Má tíì yí nǹkankan. Jẹ́ kí n wo òfìfo ná. Ẹn-ẹ́n. Ìró mi lọ, ó tún padà wá, ó nàró bó ṣe lọ. Bí ìpẹ̀kun bá ṣí sílẹ̀, bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Yí i wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀."

Mo yí i.

"Ó ń kúrú. Yí i. Yí i sí i. Dúró! O ti kọjá. Ó ti dorí kodò báyìí, o ti mú un kéré jù. Padà díẹ̀."

Òógùn ń wọ ojú mi. Mo padà díẹ̀.

Mo gbọ́ tí ó ń fọwọ́ kan nǹkan nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ dé, kò gbóná, kò tutù.

"Rẹsistáǹsì mi tó wà nísàlẹ̀ níbí, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ṣì wà nínú ìdè tí wáyà wọ̀. O lọ́ tìrẹ mọ́ ọn lára."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀gá."

"Kò ní èéfín lára. Kò yọ́. Wọ́n gé e súnmọ́ ìdè, wọ́n sì fi ojú ẹ̀mú gé e ní dídábùú kó má bàa ní ṣónṣó tó lè gún èèyàn. Ènìyàn kan ṣoṣo ni mo kọ́ láti máa gé wáyà báyẹn. Yí i díẹ̀ sókè."

Mo yí i. Omi ń dà lójú mi, mi ò rí ìdí tí mò ń yí dáadáa. Wọ́n ní àṣegbé kan ò sí, àṣepamọ́ ló wà; tèmi ò tiẹ̀ ní ìpamọ́, ọwọ́ ara mi ló kọ orúkọ mi síbẹ̀.

"Ọ̀gá, èmi ni. Èmi ni mo gé e. Kò sí àrá kankan. Bátìrì tó wà lókè níbí ni ò..."

"Dúró níbẹ̀. Má mí sí i. Ìlà ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìró lọ, kò padà. Tú u, wọ̀n ọ́n, kí o sọ iye rẹ̀ fún mi."

Méjìléláàádọ́fà ni. Kì í ṣe ọgọ́fà gan-an, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí i. Ó ní kí n mú rẹsistáǹsì ọgọ́rùn-ún kan àti ti méjìlá kan nínú àpò iṣẹ́ mi, kí n fi òjé jó wọn pọ̀ tẹ̀léra fún ìpẹ̀kun òkè, pé òun á ṣe irú kan náà fún ìsàlẹ̀, kí ìdáhùn tó ń sọ̀ bọ̀ lè rí ibi wọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ náà. Mo jó o. Mo dá táǹkì padà sórí wáyà.

"Awo oòrùn ńkọ́?" ó bi mí. "Fi ọwọ́ kàn án."

Mo fọwọ́ kàn án. Eruku ọyẹ́ ti di ẹrẹ̀ gbígbẹ lójú rẹ̀. Ìka mi fa ìlà dúdú sínú rẹ̀.

"Bátìrì ò jẹ gbèsè ẹnikẹ́ni," ó ní. "O ò fẹ́ máa gun òkè wá nu awo ni."

Aṣọ orí mi ni mo tú, òun ni mo fi nù ún.

Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, a dá gbogbo wọn padà, a tan pọ́ǹpù. Ìṣẹ́jú mẹ́rin kọjá. Márùn-ún. Ogún. Èmi ń wo àpótí, Ọ̀gá ń wo èmi. Iná rẹ̀ kò pọ́n. A jókòó síbẹ̀ títí tí táǹkì fi sọ fúnra rẹ̀ pé òun kún, tí àpótí sì pa pọ́ǹpù bó ṣe yẹ. Mo dọ̀bálẹ̀, èmi obìnrin, lórí erùpẹ̀. Ìkúnlẹ̀ ò tó mi. Ó ní kí n dìde, pé àgbà kì í gba ẹ̀bẹ̀ ohun tí kì í ṣe òun nìkan la ṣẹ̀.

"Sọ fún wọn lọ́jọ́ Àìkú," ó ní. "Wọ́n ti ń sọ káàkiri pé wáyà mi ló rà. Mi ò ní í bá ọ sọ ọ́."

Mi ò sùn dáadáa lálẹ́ méjèèjì. Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn Mísà, Alága dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní iṣẹ́ àwọn baba àtijọ́ ti gbó, pé lẹ́yìn èyí, èmi nìkan làwọn á máa pè. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bí mo bá dákẹ́ ni, ó ti parí síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ò dùn lẹ́nu ìyá olè, ṣùgbọ́n mo dìde. Mo ní wáyà bàbá yẹn ò ní àléébù kankan, pé èmi ni mo gé ohun tó fi sí i nítorí ọ̀lẹ, pé èmi ni mo sì parọ́ mọ́ àrá.

Ariwo sọ. Alága ní kí n kó kọ́kọ́rọ́ ilé pọ́ǹpù sílẹ̀, mo kó o sílẹ̀. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, n ó máa wá gbà á lọ́wọ́ òun, n ó gun òkè lọ nu awo, n ó dá a padà. Mo ní mo gbọ́.

Nígbà tí mo jáde, àwọn obìnrin ti tò sẹ́nu ẹ̀rọ. Obìnrin tó fún mi lómi lọ́jọ́sí wà níbẹ̀, bàsíà rẹ̀ ti kún. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, kò kí mi ní pẹ̀lẹ́ mọ́.

"Ọjọ́ mọ́kànlá," ó ní.

"Ẹ forí jì mí, Ìyá."

Ó ká òṣùká rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbé e sí orí ara rẹ̀. Orí mi ló gbé e lé. Ó di etí bàsíà kan mú, ó dúró, ó ń retí kí n di èkejì mú. A jọ gbé e ru mí. Ó wúwo ju bí mo ti rò lọ, omi rẹ̀ sì ń ta sí mi lọ́rùn. Ó ṣíwájú, èmi ń tẹ̀ lé e, ilé rẹ̀ sì wà ní ìpẹ̀kun abúlé.